Wákàtí Mẹ́fà Sẹ́yìn, Wákàtí Méjìdínlógún Síwájú

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ GitLab ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣíwọ́, nítorí ilẹ̀ ti ṣú. Iṣẹ́ kan ló kù tí kò jẹ́ kó lọ. GitLab ni ibi tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn pamọ́ sí lórí ayélujára, tí wọ́n sì ti ń bá ara wọn jíròrò lórí rẹ̀. Gbogbo ìjíròrò yẹn, orúkọ àwọn oníbàárà, àti àkọsílẹ̀ tó so iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tó ni ín, inú dátábéèsì kan ló wà. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń gbé dátábéèsì náà. Ọ̀kan ni ọ̀gá, òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Èkejì ni ọmọ ẹ̀yìn, ohun tí ọ̀gá bá kọ ni òun náà ń dà kọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn tó ń da ìránṣẹ́ pàǹtírí sórí ìkànnì ti jẹ́ kí iṣẹ́ wọ ọ̀gá lọ́rùn, ọmọ ẹ̀yìn kò sì lè bá a rìn mọ́. Nígbà tó yá, ọ̀gá pa àwọn àkọsílẹ̀ tí ọmọ ẹ̀yìn kò tíì dà kọ rẹ́ láti rí àyè. Ọ̀nà kan ló kù: kí wọ́n nu ọmọ ẹ̀yìn mọ́ tónítóní, kó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ yìí gbìyànjú rẹ̀, kò gbà. Ó tún un ṣe, kò gbà. Ó wá rò pé àjẹkù tó wà nínú àpótí fáìlì ọmọ ẹ̀yìn ló ń dí òun lọ́wọ́, ó sì pàṣẹ kí kọ̀ǹpútà pa àpótí náà rẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀.

Kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn. Ọ̀gá ni.

Ó dá a dúró kíákíá, ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 300 gígábáìtì, 4.5 péré ló ṣẹ́kù.

GitLab kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Wọ́n ń tún nǹkan ṣe lọ́wọ́ ni wọ́n ń fi hàn tààrà lórí YouTube, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ 10 oṣù Èrèlè, wọ́n gbé ìròyìn gígùn jáde nípa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń tọ́ka sí i títí dòní. Nọ́ńbà méjì ló jáde nínú ìròyìn náà: àkọsílẹ̀ nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣòfò, kò sì padà mọ́, ìkànnì náà sì wà ní títì fún nǹkan bí wákàtí méjìdínlógún. Nọ́ńbà méjì yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ dá lé. Lórí ìwé àdéhùn àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, RPO ni wọ́n ń kọ fún àkọ́kọ́, RTO fún èkejì. Níhìn-ín, a ó pe RPO ní gbèdéke àdánù, a ó sì pe RTO ní gbèdéke ìdúró.

Ẹ wo alájọ tó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ńlá kan wà lábíyá rẹ̀ tó ń kọ owó oníkálukú sí. Ní alaalẹ́, tó bá délé, á da gbogbo ohun tó kọ lọ́jọ́ náà sínú ìwé mìíràn tó wà nínú àpótí ní yàrá. Ká ní àgbàrá gba ìwé ọwọ́ rẹ̀ lọ ní aago méjì ọ̀sán. Ìwé ilé mọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ títí di alẹ́ àná, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó san owó láàárọ̀ yìí. Àlàfo láti alẹ́ àná dé aago méjì ọ̀sán ni àdánù rẹ̀. Ní ti ìdúró, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó délé, kó mú ìwé àpótí jáde, kó rí ìwé tuntun rà, kó sì padà sọ́jà débi pé ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ lè gbà á?

Gbèdéke àdánù ń wo ẹ̀yìn láti ìṣẹ́jú tí aburú ṣẹlẹ̀. Gbèdéke ìdúró ń wo iwájú láti ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn méjèèjì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń pinnu kí aburú tó dé: àdánù tó pọ̀ jù lọ tí a lè fara dà, àti ìdúró tó gùn jù lọ tí a lè fara dà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà lè kéré sí gbèdéke, ó sì lè jù ú lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ìdúró ṣe ni pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ aago láti ìgbà tí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Aago ìdúró ti ń kà láti ìgbà tí iṣẹ́ ti dá. Wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́, èyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, èyí tí wọ́n fi ń jiyàn lórí ẹ̀dà tí wọn yóò lò, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Nǹkan méjèèjì kò sì tan mọ́ra tó bí wọ́n ṣe dà bí i lójú. Alájọ tó ń da ìwé rẹ̀ kọ ní wákàtí-wákàtí, tó ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn nígbà tí òun wà l'Ékòó, àdánù rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ìdúró rẹ̀ gùn. Èyí tó ní ìwé òfìfo àti ọmọ iṣẹ́ tó ti múra sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tí kò sì da ìwé kọ rí, kíá ni yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ kò ní mọ iye tó jẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá ṣe ń da àkọsílẹ̀ kọ léraléra tó ni àdánù ṣe ń kéré tó. Bí ibi tí a ó sá lọ bá ṣe wà ní ìmúrasílẹ̀ tó ni ìdúró ṣe ń kúrú tó. Owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tún wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà alájọ: káàdì. Ohun tí ìwé ńlá bá pàdánù, káàdì ọwọ́ wọn lè sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní GitLab. Ètò tí àwọn ènìyàn kọ kò ṣòfò lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí inú ibi ìpamọ́ mìíràn ló wà, yàtọ̀ sí dátábéèsì, àti pé oníkálukú ní ẹ̀dà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohun tó lọ ni èyí tí kò ní káàdì: nǹkan bí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ 5,000, ọ̀rọ̀ ìjíròrò 5,000, àti orúkọ oníbàárà tuntun 700. Ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ kan ṣoṣo lè nílò gbèdéke àdánù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ilé oògùn tó ń kọ oògùn tí wọ́n fún aláìsàn kò gbọ́dọ̀ pàdánù ìlà kan níbẹ̀, torí kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí i. Àkọsílẹ̀ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé oògùn kan náà lè pàdánù ọ̀sẹ̀ kan. Wọn á kàn bi ara wọn léèrè ni.

Báwo wá ni àdánù GitLab ṣe jẹ́ wákàtí mẹ́fà? Ètò wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́, ètò kan tó ń jẹ́ pg_dump yẹ kó máa kó gbogbo dátábéèsì jáde, kó sì fi ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ lọ́nà jíjìn. Tí ó bá ń ṣiṣẹ́, àdánù tó burú jù lọ á jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n sáré débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, òfìfo ni wọ́n bá. Dátábéèsì wọn jẹ́ PostgreSQL ẹ̀yà 9.6, ṣùgbọ́n pg_dump ẹ̀yà 9.2 ló ń gbìyànjú láti dà á kọ, kò sì lè ka ẹ̀yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ń kùnà, ó sì ń fi ímeèlì kìlọ̀ nígbàkigbà tó bá kùnà. Àwọn ímeèlì náà kò ní àmì ìdánimọ̀ tó yẹ, ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì sì ń dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò gbọ́.

Wọ́n wo ọ̀nà kejì. Iléeṣẹ́ tí wọ́n yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ètò tó ń ya ẹ̀dà gbogbo dísíìkì. Wọ́n ti tan án fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń pa fáìlì mọ́, wọn kò tan án fún ti dátábéèsì, torí wọ́n gbà pé àwọn ọ̀nà yòókù ti tó. Ọmọ ẹ̀yìn ńkọ́? Wọ́n ti nù ún mọ́ kí wọ́n tó nu ọ̀gá.

Ohun tó yọ wọ́n ni àkọsẹ̀bá. Wọ́n ní sáfà ìdánwò kan, níbi tí wọ́n ti ń dán nǹkan tuntun wò kó tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń ya ẹ̀dà dátábéèsì síbẹ̀. Ní aago 17:20 ọjọ́ náà, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà kí aburú tó dé, òṣìṣẹ́ kan náà tó padà ṣe àṣìṣe yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹ̀dà tuntun, torí ó fẹ́ dán ohun kan wò. Ẹ̀dà ìdánwò yìí ló gbà wọ́n. Ká ní kò yà á ni, ẹ̀dà tí wọn ì bá fẹ̀yìn tì á ti pé nǹkan bí ọjọ́ kan. Wákàtí mẹ́fà kì í ṣe ohun tí wọ́n pinnu, oríire ni.

Ìdúró wákàtí méjìdínlógún ní ìtàn tirẹ̀, èyí tó wúlò jù fún ẹni tó bá fẹ́ ṣírò tirẹ̀. Sáfà ìdánwò náà lo dísíìkì olówó pọ́ọ́kú, tí kò lè gbé ju nǹkan bí 60 mẹ́gábíìtì lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọmọ ilé-ìwé. Gígábáìtì kan jẹ́ 8,000 mẹ́gábíìtì, nítorí náà 300 gígábáìtì jẹ́ 2,400,000 mẹ́gábíìtì. Ẹ fi 60 pín in, ẹ ó rí 40,000 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó lé ní wákàtí mọ́kànlá. Wákàtí mọ́kànlá yẹn jẹ́ ti kí fáìlì kàn rìn láti ibì kan dé èkejì, bí kò bá sí ìdíwọ́ kankan lọ́nà. Kò tíì sí àyẹ̀wò níbẹ̀, kò tíì sí àtúntò, kò sì tíì sí pé ẹnì kan tan ohunkóhun. Lójú òǹkọ̀wé yìí, iléeṣẹ́ tó bá kọ wákàtí mẹ́rin sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí gbèdéke ìdúró láì kọ́kọ́ ṣe ìṣirò pínpín yìí kò tíì ní gbèdéke. Ìrètí ló ní.

Báyìí, ọ̀nà wo ni ènìyàn lè gbà múra sílẹ̀? Mẹ́rin ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà, láti orí èyí tó pọ́ọ́kú dé èyí tó wọ́n, ìdáná sì lè ṣàlàyé wọn dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni pé kí a kó ẹ̀dà pamọ́, ká tún kó o jáde lọ́jọ́ aburú. Bí ẹni tó tọ́jú ìṣáná àti igi gbígbẹ sínú àká ni: iná kankan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a ó fi dá a wà. Owó ìpamọ́ nìkan ni a ń san. Lọ́jọ́ aburú, a ó ní láti rí kọ̀ǹpútà tuntun, ká to ètò sórí rẹ̀, ká gbé ẹ̀dà wá, ká dán an wò. Ìdúró lè jẹ́ wákàtí púpọ̀, ó sì lè jẹ́ ọjọ́. Ní ti àdánù, ìṣirò rẹ̀ ní ọ̀fìn kan tí ọ̀pọ̀ ń já sí. Ká ní ẹ̀dà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru, ó sì máa ń parí ní aago mẹ́ta. Aburú wá ṣẹlẹ̀ ní aago méjì òru Ọjọ́rú. Ẹ̀dà ti òru yìí kò tíì parí, kò wúlò. Èyí tó pé kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru tó ṣáájú, ohun tó sì mọ̀ kò kọjá aago méjìlá yẹn. Àdánù jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà ojoojúmọ́ ni wọ́n ní. Bí ẹ̀dà ọjọ́ kan bá tún kùnà láì sí ẹni tó mọ̀, á di àádọ́ta wákàtí.

Ibi tí a kó ẹ̀dà sí tún ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ OVH ní ìlú Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé, ó sì jó o run. Àwọn oníbàárà kan wà tí ẹ̀dà wọn wà lágbègbè ilé kan náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n dà kọ. Ìwé ọwọ́ àti ìwé àpótí bá omi kan náà lọ.

Ọ̀nà kejì ni iná abẹ́ eérú. Ìyá tó bá fi eérú bo ẹ̀yinná lálẹ́ kò ní láti wá ìṣáná láàárọ̀. Yóò kàn ko igi sí i ni, yóò fẹ́ ẹ. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, dátábéèsì nìkan ló ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ibùdó kejì, ó ń gba àkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá lójú ẹsẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù tó ń dá oníbàárà lóhùn wà ní pípa, àpẹẹrẹ wọn nìkan ni a tọ́jú. Àdánù lè má ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdúró ni àsìkò tí a fi ń tan àwọn yòókù, tí a sì ń darí àwọn oníbàárà síbẹ̀, bóyá ìdajì wákàtí tàbí wákàtí kan fún ẹni tó ti dán an wò. Ẹni tí kò dán an wò rí lè rí i lọ́jọ́ aburú pé àpẹẹrẹ tí òun tọ́jú ti gbó, pé ètò ti yí padà nígbà mẹ́wàá láti ìgbà náà.

Ìkẹta ni ìkòkò tó ti wà lórí ààrò, àmọ́ tí kò tóbi. Ibùdó kejì ń ṣiṣẹ́ ní ti gidi, ó lè dá oníbàárà lóhùn nísinsìnyí, àyàfi pé kò lè gba gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí iná abẹ́ eérú ni pé bí oníbàárà bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, á rí ìdáhùn. Iná abẹ́ eérú kò lè dáhùn títí a ó fi tan nǹkan kan. Lọ́jọ́ aburú, a ó kàn fi kọ̀ǹpútà kún un ni. Ìdúró jẹ́ ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù rẹ̀ kò ní tàn, bóyá aburú dé tàbí kò dé.

Ìkẹrin ni ààrò méjì tó ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà. Ibùdó méjèèjì ń gba oníbàárà lójoojúmọ́, bí ọ̀kan bá kú, èkejì ń bá a lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ oníbàárà má mọ̀ rárá. Òun ló wọ́n jù, òun ló sì le jù láti tò. Ìṣòro rẹ̀ wà nínú kíkọ. Bí ẹnì kan bá gba owó ní ibùdó kìíní, ǹjẹ́ ibùdó kejì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó gba owó náà? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìdúnàádúrà yóò máa dúró de ìròyìn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì, bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà síra tó ni yóò ṣe falẹ̀ tó. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, owó kan náà lè jáde lójú méjì, ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ní ibùdó tó kú sì lè ṣòfò. Àdánù òfo ṣeé rà, àmọ́ ìfalẹ̀ ni a fi ń san án.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní ojúkòkòrò sí ọ̀nà kẹrin yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn nílò ni ọ̀nà kìíní tí wọ́n ti dán wò, pẹ̀lú iná abẹ́ eérú fún ẹyọ iṣẹ́ kan tàbí méjì tí kò gbọ́dọ̀ dúró.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀nà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin kò fi lè dá dúró láìsí ti àkọ́kọ́. Ẹ rántí alájọ. Ká ní ó gba ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri, tó sì ń da gbogbo ohun tó bá kọ sínú ìwé kejì lójú ẹsẹ̀. Bí àgbàrá bá gba ìwé ọ̀gá, àdánù kò sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fi àṣìṣe fagi lé orúkọ ogún ènìyàn, ọmọ iṣẹ́ náà yóò fagi lé e, ní ìṣẹ́jú kan náà, pẹ̀lú ìgbọràn. Dátábéèsì alátẹ̀lé ń gbà wá lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tó jó, kò gbà wá lọ́wọ́ àṣẹ tí ènìyàn pa ní àṣìṣe, kò sì gbà wá lọ́wọ́ ẹni ibi.

GitLab padà wá ọgbọ́n sí èyí. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀yìn kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó máa falẹ̀: ohun tí ọ̀gá bá kọ, ó di wákàtí mẹ́jọ kó tó kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Nínú PostgreSQL, ìlà kan ṣoṣo ló ń ṣe é:

```
recovery_min_apply_delay = '8h'
```

Bí ẹnì kan bá pa nǹkan rẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n sì tètè mọ̀, ọmọ ẹ̀yìn tó ń falẹ̀ yìí kò tíì pa á rẹ́. Wọn yóò dá a dúró, wọn yóò sún un síwájú dé ìṣẹ́jú tó ṣáájú àṣìṣe náà, wọn yóò sì kó ohun tó sọnù jáde. Ó ní ààlà tirẹ̀: àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò rí títí wákàtí mẹ́jọ fi kọjá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà nìyẹn. Nínú ìròyìn ọdún 2017, wọ́n tún sọ pé àwọn yóò máa ya ẹ̀dà ní wákàtí-wákàtí, pé ẹ̀rọ yóò máa gbìyànjú láti kó ẹ̀dà jáde fúnra rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣeé lò, àti pé àwọn yóò mú kí orúkọ kọ̀ǹpútà hàn kedere lójú ẹni tó ń pàṣẹ. Ti ìkẹyìn yìí rọrùn, kò ná wọn lówó, ó sì lọ tààrà sí ibi tí àṣìṣe alẹ́ ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn GitLab, ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ sí Maersk, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ti orílẹ̀-èdè Dẹ́nímáàkì tí àpótí ẹrù rẹ̀ ń dé èbúté kárí ayé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Òkúdu ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní NotPetya gba Yukiréènì wọlé, ó sì tàn ká gbogbo kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà. Èbúté tí Maersk ń ṣàkóso jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló dẹnu kọlẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì tò gbọọrọ lẹ́nu géètì.

Gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn Andy Greenberg ti kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Wired lọ́dún 2018, Maersk ní ẹ̀dà ọ̀pọ̀ sáfà rẹ̀, èyí tí wọ́n ti yà ní ọjọ́ mẹ́ta sí méje ṣáájú. Ohun kan ni wọn kò ní ẹ̀dà rẹ̀: àwọn sáfà oníbodè, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ òṣìṣẹ́ wo ló lè wọlé, àti ibi tí olúwarẹ̀ lè dé. Nǹkan bí àádọ́jọ ni wọ́n, wọ́n fọ́n ká ayé, gbogbo wọn sì ń da ara wọn kọ. Èrò ètò náà ni pé èyíkéyìí tó bá kú, àwọn yòókù á jí i dìde. Kò sí ẹni tó rò ó pé gbogbo wọn lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Láìsí oníbodè, ẹ̀dà àwọn sáfà yòókù kò ṣeé tún gbé dìde, nítorí ẹnikẹ́ni kò lè wọlé.

Wọ́n pe ibi gbogbo lágbàáyé, wọ́n ń wá ẹyọ kan tó yè. Orílẹ̀-èdè Gánà ni wọ́n ti rí i. Kí kòkòrò náà tó dé, iná ti lọ ní ọ́fíìsì wọn níbẹ̀, sáfà náà sì ti kúrò lórí ìsokọ́ra. Nígbà tí àádọ́jọ ń parẹ́, òun wà ní pípa.

Ìṣirò pínpín tún dé. Ohun tó wà lórí rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún gígábáìtì, ayélujára ọ́fíìsì náà sì falẹ̀ débi pé ọjọ́ púpọ̀ ni yóò gbà kó tó dé Ìlú Ọba, níbi tí àwọn alátùn-únṣe péjọ sí. Wọ́n pinnu pé kí ènìyàn gbé dísíìkì náà wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn òṣìṣẹ́ Gánà kò ní físà Ìlú Ọba. Ọ̀kan nínú wọn wá gbé e wá sí Nàìjíríà, ó pàdé òṣìṣẹ́ Maersk mìíràn ní pápákọ̀ òfuurufú, ó sì fà á lé e lọ́wọ́. Onítọ̀hún wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó sì fò fún wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ sí Heathrow.

Ìgbà tí dísíìkì yẹn dé ni wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀dà àwọn yòókù, kálukú pẹ̀lú àdánù ọjọ́ mẹ́ta sí méje tirẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ọdún 2018, ní ìlú Davos, alága Maersk nígbà náà, Jim Hagemann Snabe, sọ fún àwùjọ pé ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi tún ètò tò sórí sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000, àti pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá náà, ọkọ̀ wọn ń gúnlẹ̀ sí èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tẹ́lẹ̀.